Ẹ Kí Oníbàárà Kí Ẹ Tó Na Ọjà sí I

Ẹni tó bá ya ìsọ̀ àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kì í kọ́kọ́ gbọ́ iye owó. Ẹni tó ni ìsọ̀ á kí i, á ní kó tú aṣọ wò, kó fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúnàá dúrà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé ọjà yìí lọ sórí ayélujára ló ti gbàgbé ètò náà. Bí nọ́ńbà oníbàárà bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ báyìí, àwòrán ogún aṣọ pẹ̀lú iye owó ni wọ́n á dà lé e lórí. Kò ní pẹ́ tí onítọ̀hún á fi dí ọ̀nà mọ́ wọn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta láàárín ọjọ́ márùn-ún lè ṣe iṣẹ́ tí ẹnu ń ṣe ní ìsọ̀. Ká sọ pé obìnrin kan ní Jọ́ọ̀sì kọ̀wé sí oníṣòwò àdìrẹ kan l'Abẹ́òkúta, tó sì gbà kí wọ́n máa fi ìròyìn ọjà ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp.

Ọjọ́ náà gan-an ni ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé. WhatsApp Business ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Greeting message, tó ń dá kí ẹni tó bá kọ̀wé wá nígbà àkọ́kọ́. Ohun tí oníṣòwò náà kọ síbẹ̀ nìyí: "Ẹ káàbọ̀ o. Àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ dì l'Abẹ́òkúta ni à ń tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú nọ́ńbà yìí sórí fóònù yín. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa mọ́, ẹ kọ DÚRÓ." Kò dárúkọ owó rárá.

Títọ́jú nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí oníṣòwò bá fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà nípasẹ̀ Broadcast list kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù. Ní ti DÚRÓ, òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 fún oníbàárà láyè láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà.

Ọjọ́ kẹta ni ìkejì, ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń fọwọ́ kan aṣọ: "Ọ̀sán gangan la ya àwòrán yìí, síbẹ̀ fóònù lè mú kí búlúù rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ó máa ń yọ aró díẹ̀ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, kí ẹ sì sá a síbi òjìji. Ṣé fún ara yín lẹ fẹ́ ẹ ni, àbí fún òde ẹbí?"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló ń pinnu ìkẹta. Bó bá jẹ́ òde ẹbí, àfi kí oníṣòwò kọ́kọ́ wádìí bóyá aró kan náà ni wọn yóò fi pa gbogbo rẹ̀, torí aṣọ tí wọ́n pa lónìí lè má bá ti ọ̀la mu rẹ́gí. Obìnrin Jọ́ọ̀sì ní fún ara òun ni.

Ọjọ́ karùn-ún ni ẹ̀dínwó dé. Yáàdì márùn-ún jẹ́ ₦15,000. Oníṣòwò rà á ní ₦11,000, ó sì ná ₦500 lórí ọ̀rá àti owó báǹkì. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦3,500. Bó bá yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦1,500, ₦2,000 ló kù. Ṣùgbọ́n bó bá tún ṣèlérí pé òun á san ₦3,000 tí gáréèjì ń gbà dé Jọ́ọ̀sì, ó ti pàdánù ₦1,000. Torí náà ló ṣe kọ ọ́ báyìí: "Yáàdì márùn-ún, ₦13,500 dípò ₦15,000. Owó ọkọ̀ dé Jọ́ọ̀sì, ₦3,000, ẹ̀yin lẹ máa san án. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦16,500. Ó dópin lálẹ́ Sátidé."

Ohun kan ló máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí oníbàárà bá ti san ₦15,000 lọ́jọ́ kẹrin, tí ẹ̀dínwó wá dé lọ́jọ́ karùn-ún, á gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kí oníṣòwò tó fi ìkẹta ránṣẹ́, kó kọ́kọ́ wo ìwé ọjà rẹ̀, kó yọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti rà. Ẹni tí Sátidé bá sì kọjá lórí rẹ̀ láìdáhùn, kí wọ́n má ṣe sún ọjọ́ náà síwájú fún un. Bí wọ́n bá sún un lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tí yóò gba ọjọ́ tí wọ́n bá tún dá gbọ́.