Gíga Òbí, Gíga Ọmọ: Ìṣirò Tí Kì Í Ṣe Àyànmọ́

Bí ìdílé bá kó ara wọn jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà Ojúde Ọba, kì í pẹ́ tí àwọn àgbà fi ń wo àwọn ọmọ láti òkè dé ilẹ̀. Èyí yóò ga bí bàbá rẹ̀. Tọ̀hún ti gbé kúkúrú ìyá rẹ̀ wá sáyé. Ẹni bíni là á jọ ni Yorùbá wí, kò sì sí ẹni tó lè já ọ̀rọ̀ náà ní koro. Lóde òní, àwọn òbí ti gbé ọ̀rọ̀ àgbà yìí lọ sórí ẹ̀rọ ayélujára: wọ́n á tẹ gíga bàbá, wọ́n á tẹ ti ìyá, ẹ̀rọ á sì dá nọ́ńbà kan padà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ nọ́ńbà náà wò, kí a mọ bí a ti ń rí i, kí a sì mọ ibi tó ti lè ṣini lọ́nà.

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò jẹ́ ti àwọn onísègùn ọmọdé, wọ́n sì máa ń so ó mọ́ orúkọ James Tanner, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí gíga òbí àti ti ọmọ ní ọdún 1970. Kò le rárá. A ó ro gíga bàbá pọ̀ mọ́ ti ìyá. Bí ọmọ bá jẹ́ ọkùnrin, a ó fi sẹ̀ǹtímítà 13 kún un. Bó bá jẹ́ obìnrin, a ó yọ 13 kúrò. Lẹ́yìn náà, a ó pín in sí méjì. Ìdí tí 13 fi wọ inú rẹ̀ ni pé, ní ìpíndọ́gba, bí iye yẹn ni ọkùnrin fi ń ga ju obìnrin lọ.

Ká ní bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, èyí tó jẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì méje, tí ìyàwó rẹ̀ sì ga ní 158. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 328. Fún ọmọkùnrin wọn, 328 àti 13 di 341. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 170.5. Fún ọmọbìnrin, 328 dín 13 ku 315. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 157.5. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń pa ìwé dé, bẹ́ẹ̀ ìṣirò kò tíì parí. Dókítà yóò tún fi bí 8.5 kún un sókè, yóò sì yọ iye kan náà nísàlẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ìṣirò ń sọ gan-an ni pé ọmọkùnrin náà lè dúró níbikíbi láàrin 162 àti 179. Ẹni tó ga ní 162 àti ẹni tó ga ní 179 kì í lè ya ṣòkòtò ara wọn wọ̀. Pẹ̀lú gbogbo fífẹ̀ yìí náà, bí ọmọ kan nínú ogún ṣì lè bọ́ síta.

Kí ló fà á tó fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Gíga kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tí òbí ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àbùdá kéékèèké ló ń dá sí i, ìdajì ti òbí kọ̀ọ̀kan ló sì ń kan ọmọ, bí ẹni ṣẹ́ kèké. Ìdí nìyí tí ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà, fi lè yọ orí sókè tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò sì kan èjìká rẹ̀.

Àṣìṣe kejì wà lọ́dọ̀ àwọn òbí tó ga jù tàbí tó kúrú jù. Ní ọdún 1886, Francis Galton gbé gíga àwọn ọmọ 928 tó ti dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn òbí wọn, tọkọtaya 205. Ó rí i pé bí òbí bá fi íǹṣì mẹ́ta ju àwọn ará ìlú yòókù lọ, àwọn ọmọ wọn, ní ìpíndọ́gba, ń fi bí íǹṣì méjì péré jù wọ́n lọ. Ọmọ òkúúrú náà sì máa ń sún díẹ̀ padà sí àárín. Ìṣirò tí a ṣe lókè yìí kò fi ti èyí ṣe. Nítorí náà, ó máa ń ṣèlérí jù fún ọmọ àwọn tó ga gan-an, ó sì máa ń bu ti ọmọ àwọn tó kúrú kù.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kẹta ló kàn wá jù lọ ní apá ibi tiwa. Ìṣirò náà gbà pé gíga tí òbí ní lónìí ni gíga tí àbùdá rẹ̀ yọ̀ǹda fún un. Kò bi í bóyá ó jẹun yó nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sì bi í iye ìgbà tí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru dá a dúbúlẹ̀. Láàrin ọdún 1997 sí 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ní ìlú mẹ́fà lágbàáyé, Àkírà ní orílẹ̀-èdè Gánà sì wà lára wọn. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń fún lọ́mú, tí àìrówóná ilé kò sì dí ìdàgbàsókè wọn lọ́wọ́, ni wọ́n yàn. Gíga àwọn òbí yàtọ̀ gan-an láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń dàgbà bákan náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá fojú bu gíga tí àwọn ọmọ náà yóò ní lágbà, wọ́n rí i pé àwọn ti Gánà, Bràsíìlì, Íńdíà àti Òmánì yóò fi ohun tó lé ní sẹ̀ǹtímítà 6 ju ìpíndọ́gba gíga bàbá àti ìyá wọn lọ. Ní Nọ́wè àti Amẹ́ríkà, ìyàtọ̀ kankan tó ṣe gúnmọ́ kò sí. Ohun tó jọ àjogúnbá lára àwọn òbí Àkírà, apá kan rẹ̀ jẹ́ àpá ìgbà èwe wọn.

Ẹ wá wo ewu tó fara pamọ́ síbẹ̀. Ọmọ kan kò ga, ìyá rẹ̀ kò ga, bàbá rẹ̀ kò ga. Ìṣirò bá wọn mu, gbogbo ilé sì sùn. Ó lè jẹ́ pé ebi tó dá bàbá dúró ló ń dá ọmọ dúró. Ó lè jẹ́ àìsàn àìtó kálísíọ̀mù tó ń tẹ ẹsẹ̀ ọmọ, tàbí àìsàn kan tí a kò tíì mọ̀. Ìṣirò kò lè rí ọ̀kankan nínú wọn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tó ń tú àṣírí wọn ni bí ọmọ ti ń ga lọ́dọọdún. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin títí di ìgbà tí ìbàlágà bá kù díẹ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ dá máa ń fi bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ga sí i lọ́dún. Bí kò bá tó 4, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ohun yòówù tí gíga òbí ì báà sọ. Ẹ bọ́ bàtà rẹ̀, ẹ tú gèlè tàbí fìlà, ẹ fi gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri, ẹ gbé ìwé pẹlẹbẹ lé e lórí, kí ẹ sì sàmì sí ara ògiri. Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ti tó, nítorí àṣìṣe ọwọ́ lè pọ̀ ju ohun tí ọmọ fi ga láàrin oṣù kan lọ. Ọmọ tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ SS tún máa ń pẹ́ kó tó bàlágà. Ó lè kéré sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kó sì bá wọn lọ́jọ́ iwájú.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìṣirò náà, ẹ wọn ara yín ní tòótọ́ kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń fi íǹṣì kan tàbí méjì kún gíga wọn lẹ́nu. Bí ọmọ yín bá wà láàrin ààlà tí ẹ rí, tó sì ń ga dáadáa lọ́dọọdún, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá wà láàrin ààlà ṣùgbọ́n tí àmì ara ògiri kò kúrò lójú kan, àmì ara ògiri ni kí ẹ gbà gbọ́.