Kí ẹ tó pè é ní tírẹ́ńṣì, ẹ wo ohun tó de iwájú rẹ̀

1/ Ẹ gbọ́ ná. Ẹ lọ sójú ìwé àwọn tó ń ta aṣọ òtútù fún àwọn tó fẹ́ jápa. Kóòtù yòówù tó bá ti gùn kọjá ìdí, tírẹ́ńṣì ni wọ́n ń pè é. Tó bá kúrú, bọ́mà ni. Tó bá ní ìborí, ó ti di páákà nìyẹn. Èrò tèmi ni pé ẹ má kọ́kọ́ ka orúkọ tí òǹtajà kọ sábẹ́ fọ́tò. Ohun tí wọ́n fi de iwájú aṣọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

2/ Kì í ṣe pé mo fẹ́ ká máa ṣe fọ́ọ̀mù o. Owó ló wà níbẹ̀, òtútù sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ sí Mańṣẹ́sítà nínú oṣù kìíní pẹ̀lú tírẹ́ńṣì tí kò ní nǹkan kan nínú, afẹ́fẹ́ lè má wọ inú rẹ̀, àmọ́ òtútù á wọlé láìkànkùn. Ẹni tó bá gbé bíléésà lọ bíi kóòtù ńkọ́? Inú gbọ̀ngàn ló múra fún, kì í ṣe ibùdókọ̀ ní aago méje àárọ̀.

3/ Àwọn mẹ́fà la fẹ́ yà sọ́tọ̀: tírẹ́ńṣì, píkóòtù, dọ́fù, bíléésà, bọ́mà àti páákà. Ẹ pín wọn sí ilé mẹ́ta. Ilé síìpù: bọ́mà àti páákà. Ilé igi àti okùn: dọ́fù nìkan. Ilé bọ́tìnnì: tírẹ́ńṣì, píkóòtù, bíléésà. Ilé kẹta yìí ni ìjà pọ̀ sí jù, torí náà ẹ jẹ́ ká yára parí méjì àkọ́kọ́.

4/ Bọ́mà. Síìpù ló dè é, ìbàdí ló sì parí sí. Ọwọ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ jẹ́ aṣọ híhun tó ń fà, bíi ti ọrùn ọwọ́ síwẹ́tà. Àwọn awakọ̀ òfúrufú ológun ni wọ́n ṣe é fún. Nínú ọkọ̀ òfúrufú, àyè há, aṣọ gígùn á máa dí wọn lọ́wọ́. Èyí tí gbogbo ayé ń ṣe àwòkọ rẹ̀ ni MA-1 ti àwọn ológun òfúrufú Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1950. Náílọ́nù ni, ó ní àpò kékeré onísíìpù ní apá òsì, inú rẹ̀ sì wá di àwọ̀ ọsàn. Tí ọkọ̀ bá já, awakọ̀ á yí aṣọ náà padà kí àwọn tó ń wá a lè rí i láti òkè.

5/ Páákà. Òun náà ní síìpù, àmọ́ ó gùn dé itan, ó ní ìborí, ó sì ní okùn fífà ní ìbàdí tàbí ní ìsàlẹ̀ tí ẹ fi lè há afẹ́fẹ́ mọ́ta. Ó sábà máa ń ní aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bo síìpù lójú, tí wọ́n fi bọ́tìnnì àtẹ̀pa dè. Àwọn ará ìhà àríwá ayé, bí àwọn Ínúítì, ló ti ń fi awọ ẹranko rán irú ẹ̀ kí ológun kankan tó mọ̀ ọ́n. Irun tó yí etí ìborí ká kì í ṣe oge: ó ń gba afẹ́fẹ́ tútù kó má baà lu ojú tààrà. Tí ẹ bá rí páákà tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sí méjì bí ìrù ẹja, ìran M-51 ti àwọn ológun Amẹ́ríkà nìyẹn. Wọ́n máa ń so ìrù méjèèjì mọ́ itan.

6/ Dọ́fù. Òun ló rọrùn jù láti mọ̀. Kò ní bọ́tìnnì gidi níwájú. Igi kéékèèké tàbí ìwo tó gùn bí oríkèé ìka ni, ẹ ó ki í bọ inú okùn tàbí awọ tó ṣe bí ojóbó. Ìdí rẹ̀? Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ nípọn lórí omi tútù kò lè de bọ́tìnnì, àmọ́ ó lè ki igi bọ okùn. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lò ó gan-an. Ìborí rẹ̀ tóbi, kó lè gba fìlà mọ́ orí. Ìlú kan tó ń jẹ́ Dọ́fẹ̀lì ní Bẹ́ljíọ̀mù ni aṣọ nípọn tí wọ́n fi ń rán an ti gba orúkọ.

7/ Ó yá, ilé bọ́tìnnì. Tírẹ́ńṣì kọ́kọ́. Ó sábà jẹ́ dọ́bù-bírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìlà bọ́tìnnì méjì tí iwájú gorí ara wọn. Ó gùn dé orúnkún tàbí ó sún mọ́ ọn, ó sì ní bẹ́líìtì tirẹ̀. Gàbádíìnì olówùú ni wọ́n fi ń rán ti gidi, èyí tí àwọn télọ̀ wa náà mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa: ẹ wò ó nítòsí, ẹ ó rí ìlà wínníwínní tó dagun. Híhun rẹ̀ há débi pé òjò wínníwínní máa ń yọ̀ lórí rẹ̀.

8/ Àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì ló wọ̀ ọ́ di olókìkí nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, 1914 sí 1918, nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ láti jà. Kòtò yẹn gan-an ló fún un lórúkọ. Iṣẹ́ ṣì hàn lára rẹ̀: okùn lórí èjìká bíi ti aṣọ ọlọ́pàá, aṣọ tó bo iwájú èjìká kan kí omi má baà gba ibi ìdè wọlé, òmíràn lẹ́yìn tí omi ń gbà ṣàn kọjá, àti okùn ní ọrùn ọwọ́ tí ẹ lè fún.

9/ Píkóòtù: dọ́bù-bírẹ́ẹ̀sì ni, àmọ́ wúùlù nípọn ni, kò ní bẹ́líìtì, ìdí ló sì dé. Atukọ̀ ló ni ín. Ó kúrú kó má baà dí ẹni tó ń gun okùn ọkọ̀ lọ́wọ́. Àpò rẹ̀ dúró lóòró, kí ẹ lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tààrà láti gbà á lọ́wọ́ òtútù. Kọ́là rẹ̀ fẹ̀, ẹ lè gbé e dúró kó bo ọrùn títí dé etí.

10/ Bíléésà ní tirẹ̀ kì í ṣe kóòtù òtútù rárá. Jákẹ́ẹ̀tì ni. Ẹgbẹ́ awakọ̀-ojú-omi kan ní Yunifásítì Kémíbírìjì wọ pupa tó ń jó bí iná, ibẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń tọ́ka sí pé orúkọ náà ti wá. Bọ́tìnnì irin aláwọ̀ wúrà ló wọ́pọ̀ lára rẹ̀, àpò alẹ̀mọ́ tàbí àpò tó ní ìdérí, èjìká tí wọ́n fi nǹkan sí. Etí kọ́là rẹ̀ ń parí ní àyà, torí náà ṣẹ́ẹ̀tì á máa hàn nígbà gbogbo.

11/ Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé: bíléésà náà lè jẹ́ dọ́bù-bírẹ́ẹ̀sì, kó dúdú bí aró, kó ní bọ́tìnnì tí wọ́n ya ìdákọ̀ró sí. Nínú fọ́tò, òun àti píkóòtù á jọra bí ìbejì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lọ sí Lídísì fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, láti ọwọ́ oní-òkìríkà kan ní Yábàá. Òǹtajà kọ ọ́ síbẹ̀ pé “tírẹ́ńṣì kúkúrú”. Fọ́tò mẹ́rin. Ẹ tẹ̀ lé mi.

12/ Ìdè: bọ́tìnnì. Ó ti kúrò ní ilé síìpù àti ilé igi. Gígùn: ìdí ló dé. Bẹ́líìtì: kò sí, a sì wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí ojóbó tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá. Èyí ṣe pàtàkì torí bẹ́líìtì tírẹ́ńṣì sábà máa ń sọnù nínú bélì, àmọ́ ojóbó rẹ̀ tàbí ojú rírán rẹ̀ á ṣì wà. Kò sí okùn èjìká. Kì í ṣe tírẹ́ńṣì.

13/ Ó ku méjì: píkóòtù àbí bíléésà? Ẹ wo àpò. Tiwọn dùbúlẹ̀, wọ́n sì ní ìdérí. Ti píkóòtù ì bá dúró lóòró. A ní kí òǹtajà gbé kọ́là sókè kó sì de gbogbo bọ́tìnnì. Ó dè é tán, àyà ṣì ṣí sílẹ̀. A ní kó gbé e sórí ìwọ̀n. Píkóòtù wúùlù gidi fún àgbàlagbà sábà máa ń kọjá kílò kan dáadáa. Èyí kò dé kílò kan. Bíléésà ni. Ọ̀rẹ́ mi rà á torí ó dára fún ọjọ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, ó sì wá dọ́fù lọ́tọ̀ fún òtútù.

14/ Ẹnì kan á ní, “Ayé ti yí padà, wọ́n ti ń da gbogbo ẹ̀ pọ̀.” Òótọ́ ni. Ẹ ó rí dọ́fù tó ní síìpù lábẹ́ igi, bọ́mà aláwọ, páákà oníbọ́tìnnì. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn àlàyé tó kù ń wúlò. Bí síìpù bá ṣi aláwọ̀ igi lójú yín, ẹ wo ìborí àti ìnípọn aṣọ. Àmọ́ ẹ tún dán igi náà wò: tí kò bá lè wọ inú okùn, tí wọ́n kàn rán an mọ́lẹ̀, oge ni, síìpù nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn èjìká tí wọ́n rán pa.

15/ Ohun tó ń bí mi nínú kì í ṣe pé òǹtajà kò mọ orúkọ. Ohun tó ń bí mi ni “aṣọ òtútù ni, gbogbo wọn ọ̀kan náà ni”. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Tírẹ́ńṣì wà fún afẹ́fẹ́ àti òjò fẹ́ẹ́rẹ́. Tí kò bá ní aṣọ wúùlù tó ṣeé yọ nínú, ẹ wọ síwẹ́tà sí i. Píkóòtù gbóná, àmọ́ tí òjò ńlá bá lù ú, á wúwo, kì í sì í tètè gbẹ. Bọ́mà ń fi ìdí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

16/ Torí náà, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ béèrè fọ́tò mẹ́rin: iwájú tí wọ́n ti dè é tán, àpò, ẹ̀yìn, àti lébẹ́ẹ̀lì inú tó sọ ohun tí wọ́n fi hun ún. Tí lébẹ́ẹ̀lì bá ní “100% POLYESTER” tí òǹtajà ń sọ pé wúùlù ni, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa sọ fún un.