Bátìrì Tí Ó Ń Parọ́ Ìwọ̀n Ara Rẹ̀



Bí oníṣòwò kan bá fi òòlù lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú kí gàrí tí yóò gbà lè dín, kò sí ẹni tí kò ní pè é ní olè. Kí ló wá dé tí a fi ń pe ẹni tó ń ta bátìrì oní-nọ́ńbà irọ́ ní ẹni tó mọ ọjà tà? Èmi sọ pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

Ẹ wo ohun tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà Ìkòtún ṣàlàyé fún awakọ̀ kórópè kan. Fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ni awakọ̀ yìí ń lò, èyí tó ń lo bátìrì BL-5C. Ó ra bátìrì tuntun lówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì kọ 2800 mAh sí i lára. Síbẹ̀, kì í pẹ́ tó èyí tó ti gbó tí ó yọ kúrò. Ó ní fóònù ló ń jẹ iná, kí wọ́n tú u wò.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ì bá gba owó iṣẹ́ lórí fóònù tí kò bàjẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, fóònù yín ò ṣe nǹkan kan. Bátìrì yìí ni ẹ jẹ́ ká wọ̀n.”

Ó ní kóńgò iná ni mAh: iye iná tí bátìrì lè gbà, kí ó sì tú jáde, ló ń sọ. Inú bátìrì, bébà irin tín-ín-rín tí wọ́n fi èròjà pa lára ni wọ́n ká jọ. Èròjà yìí ló ń gba iná dúró, nítorí náà bí àyè bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe ń pọ̀ tó. BL-5C gidi jẹ́ 1020 mAh. Bátìrì tó bá a dọ́gba ní gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn kò lè gba ìlọ́po méjì ààbọ̀ rẹ̀, bí kóńgò kan kò ṣe lè gba kóńgò méjì ààbọ̀ gàrí.

Ó tún fi ìlà mìíràn hàn án lára bátìrì kan náà: 3.7 V àti 3.8 Wh. Bí a bá fi 3.7 pín 3.8, tí a sì sọ ọ́ di mAh, ohun tí a máa rí kò ju nǹkan bí 1027 lọ. Ẹni tó tẹ bébà náà yí nọ́ńbà ńlá padà, ó gbàgbé kékeré. Irọ́ ti tako ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gba agbára sí bátìrì náà títí ó fi kún, ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fa iná jáde ní 200 mA láìyí padà. Bí ó bá jẹ́ 2800 lóòótọ́, ó yẹ kí ó lo wákàtí 14. BL-5C gidi yóò lo nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Èyí parí ní wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ sọ 200 di ọ̀nà mẹ́ta ààbọ̀: 700 mAh. Ìdá mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ ni awakọ̀ náà rí gbà.

Kí a má sì ṣe ṣàbòsí: bí bátìrì 1020 bá fún wa ní 950, ìyẹn kọ́ ni jìbìtì, nítorí lílò máa ń dín agbára kù. Bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo nìkan kò tó ẹ̀rí, torí àwọn kan ti ki iyanrìn tàbí ìyẹ̀fun sínú bátìrì ayédèrú kí ó lè wúwo lọ́wọ́.

Ọlọ́jà yóò ní, “Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, bó ṣe dé nìyẹn.” Ẹni tó ra kóńgò tí ìdí rẹ̀ ti wọnú, tó mọ̀, tó sì fi ń wọn gàrí fún ènìyàn ńkọ́? Òmíràn á ní àwọn oníbàárà ló fẹ́ràn nọ́ńbà ńlá. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni iná ńlá. Nọ́ńbà ni ẹ fi tàn wọ́n. Àwọn adínwọ̀nkù ni Ọlọ́hun fi Súrà 83, Al-Mutọfifiin, kìlọ̀ fún, òṣùwọ̀n sì ni nọ́ńbà ara bátìrì.

Títa bátìrì kékeré lówó kékeré kò lẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, ẹ wọn ọ̀kan nínú páálí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rà, kí ẹ fi bírò fagi lé irọ́ náà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sí i. Ẹ̀yin òbí àti oníbàárà, ẹ wo Wh kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá bá mAh mu, ẹ dá a padà fún un níbẹ̀.