Ojú Agbo àti Ẹ̀yìn Agbo

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ agbáwo tí ń gbé oúnjẹ fún àwọn èrò ní ilé ìtura. Ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì ń rí i nínú kóòtù funfun, ó ń rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó rọ̀ bí òwú. Kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ń ro ó, kò sì mọ̀ bóyá ó rí oorun sùn lóru àná. Ṣùgbọ́n bí agbáwo yìí bá ti wọ ilé ìdáná, tí ilẹ̀kùn sì padé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín a pòórá, èjìká a wálẹ̀, ohùn a sì yí padà. Àwọn mìíràn tí wọ́n bá rí èyí a yára sọ pé àgàbàgebè ni. Ǹjẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ? Kí a tó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a tẹ̀lé agbáwo láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kí a wo ohun tí ó ń ṣe àti ìdí tí ó fi ń ṣe é.

Ẹnìkan tí ó fara balẹ̀ wo irú nǹkan báyìí ni Ẹ́fìn Gọ́fúmánù, ọmọ ilẹ̀ Kánádà. Láàrin ọdún 1949 sí ọdún 1951, nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní Yunifásítì Ṣìkágò, ó lọ gbé ní erékùṣù kan ní Ṣẹ́tílándì, ní àríwá Sikọ́tílándì. Ó ń ṣọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń bá ara wọn lò, ó sì fojú sí ilé ìtura kékeré kan tí ó wà níbẹ̀. Ìwé tí ó kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní Ẹ́díńbọ́rọ̀ ní ọdún 1956. Ohun tí ó sọ ni pé ìgbé-ayé ojoojúmọ́ dàbí eré orí ìtàgé. Ibi kan wà tí àwọn òǹwòran ti ń wo eléré. Ibẹ̀ ni a lè pè ní ojú agbo. Ibòmíràn wà tí òǹwòran kì í dé, níbi tí eléré ti ń múra, tí ó ti ń sinmi, tí ó sì ti ń sọ ohun tí kò lè sọ níta. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn agbo. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Eégún kì í múra láàrin ọjà. Inú ìgbàlẹ̀ ni ó ti ń gbé aṣọ wọ̀, ẹni tí kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ibẹ̀ kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo agbáwo kan ní ilé ìtura kan ní ìlú Ìbàdàn. Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni ó dé ibi iṣẹ́. Kò gba ẹnu ọ̀nà ńlá tí àwọn èrò ń gbà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, nítòsí ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ni ó gbà wọlé. Ó bọ́ aṣọ tí ó wọ̀ wá, ó gbé kóòtù funfun wọ̀, ó sì wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí. Lẹ́yìn èyí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ yàrá ìjẹun tí èrò kankan kò tíì sí nínú rẹ̀. Wọ́n na ife dígí sí ooru omi gbígbóná, wọ́n sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí àpá ìka kò fi sí lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n to fọ́ọ̀kì sí apá òsì àwo, wọ́n to ọ̀bẹ sí apá ọ̀tún, wọ́n sì kọ ojú ọ̀bẹ sí àwo. Bí wọ́n ti ń ṣe èyí, ọ̀kan ń kọrin, ọ̀kan fi ìdí ti etí tábìlì, ẹ̀kẹta sì ń ròyìn ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní agboolé wọn lánàá.

Nígbà tí agogo méje lù, tí èrò kìn-ín-ní sì ṣílẹ̀kùn, orin dákẹ́ lójijì. Ẹni tí ó fi ìdí ti tábìlì dìde, ó nà ró ṣánṣán. Yàrá yẹn kan náà ni, tábìlì yẹn kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn agbo ti di ojú agbo. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ nìyí: kì í ṣe ògiri ni ó ń sọ ibi kan di ojú agbo, bí kò ṣe ojú àwọn tí ń woni.

Ọ̀sán ni iṣẹ́ ń le jù. Ilẹ̀kùn tí ó wà láàrin yàrá ìjẹun àti ilé ìdáná kò ní kọ́kọ́rọ́; èjìká ni agbáwo fi ń tì í, nítorí pé àwo ń bẹ ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n fi dígí kékeré kan sí ara ilẹ̀kùn náà kí ẹni tí ń bọ̀ má baà fi àwo kọlu ẹni tí ń lọ. Ní ọjọ́ tí a ń wí yìí, bàbá kan tí ó gbé agbádá wọ̀ mú àlejò méjì wá síbi tábìlì kẹrin. Wọ́n gbé ọbẹ̀ fún un pẹ̀lú èéfín lórí, ṣùgbọ́n ó ń bá àwọn àlejò rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ó tọ́ ọ wò, ó pe agbáwo.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó sọ fún ọ pé ọbẹ̀ tútù ni mo máa ń jẹ?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbóná rẹ̀.”

Agbáwo mọ ẹni tí ó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Bí ó bá sọ ọ́, ìtìjú ni yóò fi kan bàbá náà lójú àwọn àlejò rẹ̀, nítorí pé ojú agbo ni bàbá fúnra rẹ̀ wà. Ó gbé àwo, ó wọ ilé ìdáná, ó sì gbé e kalẹ̀ gbàgà. Ó ká apá agbádá tí kò wọ̀ sí èjìká, ó sì ń sín bàbá náà jẹ: “Ìwọ ọmọ yìí!” Alásè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Àbúrò, sọ fún Tábìlì Kẹrin pé kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó rojọ́.” Ẹ kíyè sí i pé nínú ilé ìdáná, bàbá kò jẹ́ bàbá mọ́, nọ́ńbà tábìlì ni ó di orúkọ rẹ̀. Ọbẹ̀ gbóná láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbáwo nu ojú, ó tún ọrùn kóòtù ṣe, ó yọjú wo dígí. Bí ó ti fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rín padà sí ẹnu rẹ̀.

Kí ni ìsínjẹ yìí ṣe? Ó gba ìbínú kúrò láyà rẹ̀. Bí ó bá gbé gbogbo ìbínú ọjọ́ náà mì, ìgbà tí yóò fi di alẹ́, orí èrò tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni ì bá dà á sí. Ẹ̀rín tí òun àti alásè jọ rín sì tún jẹ́ kí wọ́n lè fọwọ́ so wọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yìn agbo kì í ṣe ọ̀tá ojú agbo. Òun ni ó ń gbé e ró.

Ewu rẹ̀ ni ilẹ̀kùn. Bí ó bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ohùn ìsínjẹ yóò jáde síta. Àmì rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ á ṣàdédé dákẹ́ ní yàrá ìjẹun, ẹnìkan á sì yíjú sí apá ilé ìdáná. Ní ilé ìtura Ṣẹ́tílándì yẹn, ilẹ̀kùn yìí gan-an di ohun ìjà. Àwọn ọmọbìnrin agbáwo fẹ́ kí ó ṣí sílẹ̀, kí wọ́n lè máa gbé àwo kọjá wẹ́rẹ́ kí wọ́n sì máa rí àwọn èrò. Àwọn tí ó ni ilé ìtura fẹ́ kí ó wà ní títì, kí èrò má baà rí bí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ń mu ní ilé ìdáná bí ará oko ìyókù, kí iyì wọn má baà dínkù. Ojoojúmọ́ ni ẹnìkan ń bínú tì í, tí ẹlòmíràn sì ń bínú ṣí i. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti jò síta, èrò tí ó jẹ́ ọmọlúàbí a máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Òun náà ń bá wọn ṣe eré náà ni.

Kí a má sì rò pé ilé ìdáná ni agbáwo ti bọ́ gbogbo ẹ̀wù rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń retí àwàdà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn nílé, kò rọrùn fún un láti sunkún láàrin àwọn tí ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn agbo fún èrò ni ilé ìdáná. Fún àwọn alásè, ojú agbo mìíràn ni.

Ta wá ni àgàbàgebè? Ìdájọ́ tí ó tọ́ ni pé kí a wo ohun tí ilẹ̀kùn ń bò. Ẹni tí ó bo ìrora ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Oúnjẹ tí èrò sanwó fún kò dínkù, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ó fi kún un. Ṣùgbọ́n Gọ́fúmánù kọ ọ́ pé ní ilé ìtura tí ó wò, bọ́tà tí èrò kan ti jẹ kù a máa padà sí ilé ìdáná, wọn a tún un mọ kí ó lè dàbí tuntun, wọn a sì gbé e fún èrò mìíràn. Èyí yàtọ̀ pátápátá. Bí èrò bá mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń ro agbáwo, àánú ni yóò ṣe é; bí ó bá mọ ọ̀rọ̀ bọ́tà, yóò dìde nídìí oúnjẹ, ẹjọ́ rẹ̀ yóò sì tọ́. Ìbínú tí a bò jẹ́ ìwà ọmọlúàbí. Ìdọ̀tí tí a bò jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ẹni tí ó pe méjèèjì ní orúkọ kan náà ń fi ẹ̀bi olè lé ẹni tí ó rẹ̀ lórí.

Agogo mẹ́wàá alẹ́ ni agbáwo bọ́ kóòtù funfun, tí ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé, kò sì sí ẹni tí ń wò ó. Nígbà tí ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ohùn àna rẹ̀ nínú yàrá àlejò. Ó dúró díẹ̀ nínú òkùnkùn, ó tún bùbá rẹ̀ ṣe, ó nà ró, ó sì wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín lọ dọ̀bálẹ̀ kí wọn.