Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́yìn Ìdádúró Nǹkan Oṣù: Síkáànì Nìkan Kò Tó

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Òǹkọ̀wé yín ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní kí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, tí ó sì tún ń rí ẹ̀jẹ̀, fọkàn balẹ̀ bí síkáànì bá ti fi hàn pé awọ inú ilé-ọmọ rẹ̀ kò ju mìlímítà 4 lọ. Òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ kì í sábà wà nínú awọ tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2024 lórí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú fi hàn pé, nínú àwọn tí jẹjẹrẹ ilé-ọmọ mú, bí 11 nínú 100 ni awọ wọn kò tó mìlímítà 5. Fàbróìdì a sì máa bo awọ náà mọ́ síkáànì lójú. Nítorí náà, bí ìwọ̀n ìyá kan bá jẹ́ mìlímítà 3, tí ẹ̀jẹ̀ sì tún yọjú lẹ́yìn oṣù méjì, kì í ṣe síkáànì mìíràn ló kàn, bí kò ṣe kí dókítà fi ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú awọ náà fún àyẹ̀wò. Bí èyí tí ó fà kò bá sì tó yẹ̀ wò, ẹ má pè é ní àìsí àrùn.

Èmi ni tiyín,
Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì