Ìlà Dúdú Ara Páálí: Ohun Tó Lè Sọ Àti Ohun Tí Kò Lè Sọ

 

Fọ́tò ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ra ọjà báyìí. Ẹni tó fẹ́ ta tòmátò alágolo tàbí wàrà á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, á ní ká san àsansílẹ̀. Ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn nìkan lojú wa tó. Ìdí nìyí tí àwa fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó títí yóò fi rí bákóòdù, ìyẹn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní nọ́mbà nísàlẹ̀, kó hàn kedere. Ṣùgbọ́n àṣìsọ ti pọ̀ jù lórí ìlà yìí nínú ọjà wa.

Wọ́n ń sọ káàkiri pé nọ́mbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ ìlú tí wọ́n ti ṣe ọjà: 615 ni Nàìjíríà, 603 ni Gánà, 690 títí dé 699 ni Ṣáínà, 800 títí dé 839 ni Ítálì. Nọ́mbà ò parọ́, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ́. GS1 ni àjọ tó ń pín nọ́mbà wọ̀nyí kárí ayé, ẹ̀ka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́mbà ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. 615 ń sọ pé ọwọ́ ẹ̀ka Nàìjíríà ni ilé-iṣẹ́ náà ti gba nọ́mbà. Bí ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ l'Ékòó bá lọ di tòmátò rẹ̀ sí agolo ní Ṣáínà, 615 náà ló máa wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń pe tòmátò ní ti Ítálì nítorí 800, ẹ ní kó ya ẹ̀yìn agolo wá, níbi tí wọ́n kọ "Made in" tàbí "Product of" sí. Ibẹ̀ ni ìlú ọjà wà.

Wàyí o, fọ́tò kì í fìgbà gbogbo mọ́lẹ̀. 3 a máa jọ 8. Nọ́mbà tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ló ń tú àṣìkà fó. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́mbà àpẹẹrẹ kan wò ó: 6151234567891. Ẹ fi 1 tó kẹ́yìn sílẹ̀ ná. Láti apá òsì, ẹ mú ìkínní, ẹ fo ìkejì, ẹ mú ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ: 6, 5, 2, 4, 6, 8. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 31. Ẹ wá ro àwọn tí ẹ fò: 1, 1, 3, 5, 7, 9. Ó jẹ́ 26. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 78. 31 àti 78 jẹ́ 109. Mélòó ló kù kó pé 110? Oókan ni, òun náà ló sì wà nígbẹ̀yìn. Nọ́mbà pé nìyẹn. Ká ní ẹnìkan ka 3 yẹn sí 8, àròpọ̀ á di 124, 6 ló máa kù kó pé 130, kò sì ní bá 1 mu. Ó ti ṣì í kà nìyẹn, kó béèrè fọ́tò mìíràn. Ẹni tó ń ṣírò owó àjọ lórí láìmú bírò, kí ló le níbẹ̀?

Bó bá pé, kí ọmọ tó mọ fóònù lò ṣí gs1.org, kó wá "Verified by GS1", kó tẹ nọ́mbà náà sí i. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gba nọ́mbà ló máa jáde, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ ọjà àti ìwọ̀n rẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ní wàrà lòun ń tà, tí ọṣẹ wá jáde, ẹ káwọ́ kúrò. Bó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ló jáde, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí olè. Ilé-iṣẹ́ mìíràn kò tíì kó àlàyé ọjà rẹ̀ síbẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tó jáde náà sì lè jẹ́ ẹni tó ni orúkọ ọjà, kó jẹ́ ẹlòmíràn ló bá a ṣe é. Nọ́mbà mẹ́tàlá tó bá fi 2 bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ló sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ fún ìlò ara rẹ̀. Kò sọ ẹni tó ṣe ọjà fún wa rárá.

Àwọn kan nínú wa ní bí gbogbo rẹ̀ bá ti bára mu, kí wọ́n san owó pé. Àwa ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ya bébà ojúlówó agolo ti ya ìlà rẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá bára mu, a ó sá; bó bá bára mu, a kàn mọ orúkọ tí nọ́mbà ń jẹ́ ni, a ò mọ ohun tó wà nínú agolo. Nọ́mbà Náfúdáàkì yàtọ̀ sí èyí, ẹ béèrè òun náà lọ́tọ̀.

Fọ́tò pàápàá lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ ní kí ọlọ́jà kọ déètì ọjọ́ náà àti orúkọ yín sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bákóòdù, kó tún un yà. Kó ya ibi tí déètì tí ọjà máa bàjẹ́ wà pẹ̀lú. Ẹni tí ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé ọmọ òun ò sí nílé, ẹ jẹ́ kí owó yín ṣì wà lápò ná.