Ẹ̀sùn Lọ́rùn Àwọn Ìgbìmọ̀ Ìdánwò Bangladẹ́ṣì

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ọmọ tó lé ní 1,400,000 ni wọ́n ní kó jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá girama ní Bangladẹ́ṣì, èyí tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì bíi Wáẹ̀kì tiwa. Ìdánwò náà kò parí títí dòní. Omi ya, ìlú dàrú. N kò fi ìyẹn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ ìdánwò ṣe sí i ni mo ń rò fún yín. Ẹ̀yin ni adájọ́.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n mọ̀ pé omi ń bọ̀. Abẹ́ òkè Mẹgaláyà ni ẹkùn Síléètì wà, níbi tí òjò ti ń rọ̀ ju gbogbo ayé lọ, Síléètì sì ni omi òjò náà ń ṣàn wá sí. Lóṣù Kẹfà ọdún 2022, omíyalé Síléètì mú kí wọ́n sún ìdánwò girama tó ṣáájú àṣekágbá yìí síwájú káàkiri orílẹ̀-èdè nígbà tó ku ọjọ́ méjì péré. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, oṣù yẹn kan náà ni wọ́n tún mú. Omi dé. Síléètì kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 9 oṣù Keje, wọ́n sì kó ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́, ti èdè Bẹ̀ngálì àti ti Gẹ̀ẹ́sì, sí oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn gbogbo ìwé yòókù. Wọn kò fi ọjọ́ kankan pamọ́ fún irú èyí. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọ̀ láti lò ó.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń bu ìsúnsíwájú náà fún àwọn ọmọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìfẹ̀hónúhàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di ìpakúpa láàárín oṣù Keje, wọ́n sún ìwé ọjọ́ 18. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sún ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún sún ti ọ̀sẹ̀ tó kàn. Wọ́n dá ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, wọ́n yí i padà sí ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n ń dá ọjọ́ nígbà tí òkú ṣì wà nílẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n sì tọ́jú àpótí ìwé ìbéèrè sí, nígbà tó jẹ́ pé ọlọ́pàá gan-an ni ìlú ń bínú sí. Bí ìjọba ṣe wó ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, àwọn àgọ́ jóná, ìwé ìbéèrè sì bá a lọ. Wọn kò dáàbò bo ọmọ, wọn kò dáàbò bo ìwé.

Ẹ̀kẹta: ariwo ló ṣòfin fún wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, wọ́n pinnu pé àwọn yóò dín ìbéèrè kù sí ìdajì. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ ọgbà ìjọba ní Dákà, àwọn aláṣẹ sì fagi lé gbogbo ìwé tó ṣẹ́ kù. Ní Ìlú Ọba, ọjọ́ kan wà ní òpin àtẹ ìdánwò tí a yà sọ́tọ̀ fún àjálù, òfin ohun tí máàkì yóò jẹ́ sì ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Bangladẹ́ṣì kò ní òfin, àfi ẹni tó bá pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà.

Èyí tó burú jù ni èsì. Ìwé tí a kò ṣe, máàkì tí ọmọ gbà nínú ìdánwò ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n fi dí àlàfo rẹ̀. Ẹ wo ọmọ méjì tí Gẹ̀ẹ́sì kò yé dáadáa. Ẹni tó wà ní Máímẹnsíńgì, tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣe ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fìdí rẹmi. Ẹni tó wà ní Síléètì kò ṣe é rárá. Máàkì àtijọ́ gbé e kọjá. Nígbà tí èsì jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ìdá 85.39 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege ní Síléètì, èyí tó ga jù láàárín àwọn ìgbìmọ̀ girama 9. Ní Máímẹnsíńgì, tó kéré jù, ó jẹ́ 63.22. Ẹni tó sì fi ọdún méjì kàwé kó lè tún máàkì àtijọ́ ṣe rí i pé máàkì náà ni wọ́n dá padà fún un. Ibi tí omi yà sí bá wọn pín ìwé ẹ̀rí.

Wọ́n tún un ṣe. Ìdánwò ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omíyalé ti mú kí wọ́n sún ìwé ní Kumílà, rògbòdìyàn ti mú kí wọ́n sún ti Gopalígánjì. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje, ọkọ̀ òfuurufú ológun já lu ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Dákà, ó pa àwọn ọmọdé. Ìdánwò wà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni wọ́n tó kéde pé àwọn ti sún un.